Ṣé èrè ni à ń jẹ àbí ojú owó? Ohun tí ìwé ìṣirò orí fóònù fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù

Ọjà tí mò ń tà ní Kábà kò ju ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń wá lójoojúmọ́ lọ: indomí, ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ, epo, ìrẹsì tí a ń wọ̀n ní módù, bisikíìtì fún àwọn ọmọ iléèwé. Àbúrò mi obìnrin ló ń jókòó ti ọjà bí mo bá lọ kó ẹrù ní Lọ́kọ́jà. Tí ẹ bá bi oníṣọ́ọ̀bù bíi tèmi pé báwo ni ọjà, yóò dá yín lóhùn pé "A dúpẹ́, ó ń lọ." Òótọ́ ni pé ó ń lọ. Ìbéèrè tó le ni pé nígbà tí ọjà ti lọ, tí owó ti wọlé, tí a ti fi ra òmíràn, tí a ti mú níbẹ̀ se ọbẹ̀, tí a ti mú níbẹ̀ san owó iléèwé, ṣé èrè ni a jẹ àbí ojú owó?

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń dán ìwé ìṣirò èyíkéyìí wò. Mo ti lo áàpù ìṣirò tí wọ́n ṣe fún oníṣọ́ọ̀bù, mo sì ti lo Google Sheets. Google Sheets ni mo dúró sí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀. Orí fóònù náà ló wà. Mo ti tẹ "Make available offline" fún fáìlì náà, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, a óò máa kọ nǹkan sí i lọ, yóò gbé e lọ sókè fúnra rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé.

Ojú ìwé tí a ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́ ni mo pè ní OJO. Òpó mẹ́fà péré ló ní: ọjọ́, irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀, àlàyé, iye owó, ọ̀nà tí owó gbà, àti nọ́ńbà oníbàárà bó bá jẹ́ àwìn. Irú nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò pọ̀ rárá. A lè tà (TITA), ẹnìkan lè san gbèsè (GBESE), a lè ra ọjà (RIRA), a lè náwó sórí iṣẹ́ (INAWO), a sì lè mú nǹkan lọ sílé (ILE). Ọ̀nà tí owó lè gbà ni OWO, ìyẹn owó ọwọ́, BANKI, ìyẹn tìráńsífà tàbí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì, àti AWIN. Mo fi ọ̀kan kún un, OJA, fún ìgbà tí a bá mú ọjà gan-an lọ sílé láìfi owó kàn án. Ohun tó bá ń jáde, a máa ń fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀: -2000. Ohun tó bá ń wọlé kò ní àmì kankan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ṣíìtì, "AWIN" àti "ÀWÌN" kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí àbúrò mi bá kọ ọ̀kan lónìí, tí mo kọ èkejì lọ́la, ìdajì gbèsè yóò pòórá nínú àròpọ̀, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún wa pé ó pòórá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ́jọ́ kan, mo ṣí "Data", mo tẹ "Data validation", mo yan "Dropdown", mo to àwọn ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ wọ́n mọ́, yíyàn la ń yan.

Òpó ọjọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí fáìlì bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, oṣù ni yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó ka ọjọ́. Ẹ kọ 05/06/2026, ẹ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà lẹ ń wí, òun yóò gbà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún. Ẹ kọ 13/06/2026, yóò ní kò sí oṣù kẹtàlá, yóò kàn gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ìlà yẹn kò sì ní wọ inú ìṣirò kankan. Ojú lásán lẹ fi máa mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tó yé e máa ń fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òpó, èyí tó kà sí ọ̀rọ̀ lásán a fara ti òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó. Ẹni tó bá kọ "5k" tàbí tó fi lẹ́tà O sí ipò òdo, òsì ni owó rẹ̀ máa lọ jókòó sí. Fún ti ọjọ́, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí "File", lẹ́yìn náà "Settings", kí ẹ yí "Locale" sí "United Kingdom", ó tán.

Bisikíìtì ńkọ́, àti omi inú ọ̀rá? Kò sí ẹni tó lè máa ṣí fóònù nítorí súìtì kan nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ya wọlé ní agogo méjì. Ìwé kékeré kan wà lórí káńtà, orúkọ àwọn ọjà kéékèèké bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, àbúrò mi a fa igi kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Lálẹ́, a ka igi, a fi iye owó ẹyọ kan sọ iye igi náà di púpọ̀, ìlà kan ṣoṣo fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tí kì í fa igi rárá. Wọ́n á ka owó inú àpótí lálẹ́, wọ́n á ní iye tó wà níbẹ̀ ni iye tí àwọn tà. Èmi kò gba èyí wọlé. Tó bá jẹ́ inú àpótí lẹ ti mú iye títà, kí ni ẹ fẹ́ fi yẹ àpótí náà wò?

Yíyẹ àpótí wò lálẹ́ ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé kejì, ALE, ni mo ń lò fún un. Ìlà kan fún ọjọ́ kan: ọjọ́ wà ní A, owó ṣéńjì tí a bá nínú àpótí láàárọ̀ wà ní B, iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ lálẹ́ wà ní C, iye tí a fi ọwọ́ kà wà ní D, ìyàtọ̀ wà ní E. Nítorí pé ohun tó ń jáde ti ní àmì ìyọkúrò tẹ́lẹ̀, gbólóhùn kan ti tó fún C:

```
=B2+SUMIFS(OJO!D:D,OJO!A:A,A2,OJO!E:E,"OWO")
```

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan wò. A bá ₦15,000 nínú àpótí láàárọ̀. Gbogbo ohun tí a tà jẹ́ ₦68,400: ₦41,200 jẹ́ owó ọwọ́, ₦19,700 gba bánkì, ₦7,500 lọ sí àwìn. Oníbàárà kan wá san gbèsè ₦6,000 lówó ọwọ́. A san ₦2,000 fún ọlọ́kadà tó gbé ẹrù, a ra ọ̀rá ìdìjà ₦700. Mo mú ₦5,000 lọ sílé fún ọbẹ̀. A ra ọjà ₦22,000 lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri. Tí ẹ bá fi ₦15,000, ₦41,200 àti ₦6,000 pọ̀, tí ẹ sì yọ gbogbo èyí tó jáde, ₦32,500 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀kínní, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ₦31,000 ló bá.

"Àǹtí mi, mi ò mú nǹkan kan o."

"Ta ló ní o mú nǹkan? Ṣí bánkì ká wò ó."

Owó tó wọ bánkì lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦21,200, ₦19,700 ló sì wà nínú ìwé wa. Bánkì fi ₦1,500 ju ìwé lọ, àpótí fi ₦1,500 dín sí ìwé. Nígbà tí ìyàtọ̀ méjì bá jẹ́ iye kan náà, tí ọ̀kan lé tí èkejì dín, owó kò sọnù. Ẹnìkan ló fi tìráńsífà sanwó tí a yan OWO fún un. A wá ìlà ₦1,500 tó wà lábẹ́ OWO, méjì péré ló wà, ọ̀kan nínú wọn ni ti tíṣà tó ra mílíìkì nírọ̀lẹ́. A yí i sí BANKI, ìyàtọ̀ di òdo.

Mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi yẹn nítorí pé owó tó dín nínú àpótí máa ń dá ìfura sílẹ̀ láàárín ẹbí, ìfura ọ̀hún sì lè pẹ́ ju owó náà lọ. Kí n tó wo ojú ẹnikẹ́ni, iye ìyàtọ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ó máa ń sọ ibi tó ti wá. Tó bá jẹ́ iye tí a lè fi mẹ́sàn-án pín láìsí ìyókù, bíi ₦900, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ti gba ipò ara wọn: ₦5,400 tí ẹnìkan kọ ní ₦4,500. Bí a bá ṣi nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pààrọ̀, mẹ́sàn-án máa ń pín ìyàtọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí àpótí bá dín ní ₦4,000, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ wá ₦2,000 nínú ohun tó jáde. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí owó ọlọ́kadà tí a gbàgbé àmì ìyọkúrò rẹ̀, tí ìwé wá kà á bí ẹni pé òun ló san fún wa. Èyí tí kò bá bá ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí mu, tó sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà tàbí igba, ṣéńjì ni. Mo máa ń kọ ọ́ sí INAWO ní "ìyàtọ̀ àpótí", a óò sì lọ sùn. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì máa ń jẹ́ dídín ní gbogbo ìgbà tí kì í lé rí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kan wà ní bánkì tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Kí ọdún 2026 tó wọlé, ẹni tó gba tìráńsífà tó bá tó ₦10,000 sókè ni wọ́n ń yọ ₦50 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ta ọjà ₦12,000, ₦11,950 ni ẹ óò bá. Ní báyìí ọ̀dọ̀ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àmọ́ tí ẹ bá ń wo ìwé ọdún tó ti kọjá tí ₦50 ₦50 ń sá kúrò níbẹ̀, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ àwìn ni mo fi kúrò nídìí áàpù. Áàpù náà dára fún kíkọ ohun tí a tà, ó yá ju ṣíìtì lọ, ó sì máa ń ya àwòrán bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó fi ń dá onígbèsè mọ̀, ó sì ní ètò kan tó máa ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni bàbá kan tó jẹ́ àgbà ní àdúgbò wa wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo kí wọn, "Okun o, bàbá." Wọn kò dáhùn. Wọ́n na fóònù wọn sí mi. Áàpù ti kọ̀wé sí wọn lédè òyìnbó pé gbèsè wọn ti kọjá ọjọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá san án. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà! Ẹni tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí! Ní ibí, bí a ṣe ń béèrè owó lọ́wọ́ irú wọn ni pé a óò lọ kí wọn nílé, a óò béèrè ara ìyàwó wọn, a óò béèrè oko, kí ọ̀rọ̀ tó yí wá síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n san owó wọn lójú ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún rajà lọ́wọ́ wa. Bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti lè pa ètò náà. N kò dúró wá a.

Nínú ṣíìtì, nọ́ńbà ni mo fún onígbèsè kọ̀ọ̀kan: D01, D02, títí lọ. Orúkọ wọn àti àdúgbò wọn wà ní ojú ìwé mìíràn. Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló ń rajà lọ́dọ̀ wa, kí a má tíì wá sọ ti obìnrin kan ṣoṣo tí èmi ń pè ní Ìyá Dáníẹ́lì, tí àbúrò mi ń pè ní Màmá Dáníẹ́lì. Pẹ̀lú nọ́ńbà, iye tí D07 ṣì jẹ ni:

```
=SUMIFS(OJO!D:D,OJO!F:F,"D07",OJO!E:E,"AWIN")
-SUMIFS(OJO!D:D,OJO!F:F,"D07",OJO!B:B,"GBESE")
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni àròpọ̀ ohun tó gbà láwìn, ìkejì ni ohun tó ti san, yálà lówó ọwọ́ tàbí ní bánkì. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbí: ọjọ́ tí ó gbé ọjà ni a ti kà á sí títà. Ọjọ́ tó bá wá sanwó, GBESE la ó yàn. Bí àbúrò mi bá yan TITA lọ́jọ́ náà, ọjà kan náà ti di títà lẹ́ẹ̀mejì, gbèsè rẹ̀ kò sì ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ láéláé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí onígbèsè bá ń búra pé òun ti san, tí àpótí ọjọ́ náà sì pé géérégé.

Àmọ́ àpótí tó pé kò tíì dáhùn ìbéèrè tèmi. Àpótí lè pé lójoojúmọ́ kí ṣọ́ọ̀bù máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Iye tí ọjà tí a tà ná wa ni a nílò, kò sì sí bí ṣọ́ọ̀bù kékeré ṣe lè máa kọ ọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan tí bisikíìtì bá lọ. Ohun tí à ń ṣe ni pé, ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, a ti ilẹ̀kùn, a ka gbogbo ohun tó wà lórí pákó. Àbúrò mi a kà, èmi a tẹ̀ ẹ́. Iye tí a rà á ni a máa ń fi lé e, a kì í fi iye tí a fẹ́ tà á lé e, nítorí èrè tí kò tíì wọlé kò yẹ kó wà nínú ìwé.

Iye tí a rà á gan-an ló máa ń di àríyànjiyàn, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ẹ wo indomí. Páálí méjì ló kù nílẹ̀ tí mo rà ní ₦9,000 ọ̀kan. Mo tún lọ kó mẹ́fà, wọ́n kọ ₦9,700 sínú rìsíìtì. Ẹrù páálí méjìlá ni mo kó lọ́jọ́ náà lápapọ̀, onímọ́tò gba ₦6,000, ìyẹn ₦500 lórí páálí kan. Nítorí náà ₦10,200 ni páálí tuntun dé Kábà, owó mọ́tò wà lára iye tí a rà á. Ẹ fi ₦18,000 ti méjì àtijọ́ kún ₦61,200 ti mẹ́fà tuntun, ₦79,200 ni fún páálí mẹ́jọ, ₦9,900 fún ọ̀kan. Ogójì ẹyọ ló wà nínú páálí, ₦247.50 ni ẹyọ kan. Iye ìpíndọ́gba yìí ni mo ń lò fún kíka ọjà.

Fún iye tí màá tà á, iye yẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ká ní mo ń ta ẹyọ kan ní ₦250. Páálí àtijọ́ tí mo rà ní ₦9,000 yóò mú ₦10,000 wá, ìwé yóò sọ pé mo jèrè ₦1,000. Ṣùgbọ́n ₦10,000 ọ̀hún kò lè ra páálí mìíràn, ó fi ₦200 dín. Bí mo bá jẹ ₦1,000 tí wọ́n ní mo jèrè, ₦1,200 ni mo ní láti wá kún un kí pákó má ṣófo. Nítorí náà bí mo bá ti ń gbọ́ iye tuntun lọ́jà, mo ti ń yí iye tí à ń tà padà ní ọjọ́ náà gan-an, títí kan èyí tí mo rà lówó pọ́ọ́kú. Àwọn oníbàárà a máa kùn pé ọjà àtijọ́ ni. Wọ́n kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n èmi náà ní láti padà sọ́jà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò oṣù kan látòkèdélẹ̀. Ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù jẹ́ ₦612,000. A ra ₦1,348,000 kún un, owó mọ́tò wà nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù a ka ₦655,000. Ohun tó kúrò lórí pákó jẹ́ ₦1,305,000. Nínú rẹ̀, ọjà ₦28,000 ni àwa fúnra wa mú lọ sílé, indomí àwọn ọmọ, ọṣẹ, epo, tí a kọ sílẹ̀ ní ILE pẹ̀lú OJA. Èyí tí a tà ná wa ní ₦1,277,000. Iye tí a tà á jẹ́ ₦1,458,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦181,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, ọ̀rá, ọlọ́kadà àti ìyàtọ̀ àpótí jẹ́ ₦58,500, ó ku ₦122,500. Èrè náà nìyẹn.

Kí ni a mú lọ sílé? Owó ₦112,000, ọjà ₦28,000, àpapọ̀ ₦140,000. A fi ₦17,500 jẹ kọjá èrè. Ojú owó ni a jẹ.

Ẹ wo bí ìbá ṣe rí láìsí ìṣirò yìí. Owó inú àpótí àti ti bánkì lápapọ̀ fi ₦84,500 dín sí ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan yóò figbe ta, yóò ní olè wà nínú ilé. Ìwé ní kò rí bẹ́ẹ̀: ₦43,000 ti di ọjà, ó wà lórí pákó, torí ₦612,000 ti di ₦655,000. ₦24,000 wà lọ́wọ́ àwọn onígbèsè, nítorí àwìn tuntun fi iye yẹn ju gbèsè tí wọ́n san lọ. Ó ku ₦17,500, òun ni a jẹ. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦84,500 ni. Mo máa ń ṣe àròpọ̀ yìí lóṣooṣù, nítorí òun ló ń jẹ́rìí sí gbogbo ìyókù. Bí kò bá bára mu, ìlà kan wà nínú OJO tí kò pé, tàbí a ka ọjà tì.

Ọ̀rọ̀ owó-orí náà rọ̀ mọ́ iye ₦122,500 yẹn. Bí ẹni tó ń gba owó-orí bá wo ₦1,458,000 tí a tà lóṣù, yóò rò pé olówó ni wá. Èrè ni òfin ń wò fún ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kíní ọdún 2026 sì ní ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún kò ní owó-orí kankan lórí. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní ohun tí yóò nà sí wọn tí wọ́n bá fi ojú wọn díwọ̀n ọjà rẹ̀.

Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ti fi iye kan sílẹ̀ fún ilé lọ́sẹ̀, ₦22,000 lówó ọwọ́. Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi ní Àárọ̀ Ajé, èmi ni mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú OJO fúnra mi. Ọmọ tó bá fẹ́ mú indomí lórí pákó, àbúrò mi ti mọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ yan ILE, kí ó yan OJA, kí ó tó fún un. Ohun kan ló kù tí ṣíìtì náà kò lè yà sọ́tọ̀ fún mi. Mílíìkì tí eku já, ìrẹsì tó dà sílẹ̀ nígbà tí a ń wọ̀n ọ́n, àti èyí tí ẹnìkan jí, gbogbo wọn ló ń jókòó papọ̀ sínú ohun tó kúrò lórí pákó, èrè orí ọjà ló sì ń dín. Nítorí náà, bí iye èrè orí ọjà bá já wálẹ̀ kúrò ní ibi tó máa ń wà, ọjà mẹ́ta tó wọ́n jù ni mo máa ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, ẹyọ ẹyọ, kí n lè mọ èyí tí wọ́n ń gbé lọ nínú wọn.